Ṣé O Mọ̀? Bí A Ṣe Ń Ka Ìgbín Tí A Kò Rí

Ṣé o mọ̀ pé o lè sọ iye ìgbín tó wà nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láìfi ojú kan gbogbo wọn? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wàá lọ síbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wàá kó èyí tí ọwọ́ rẹ bá bà, wàá fi àmì sí wọn lára, wàá sì tú wọn sílẹ̀ níbi tí o ti kó wọn. Nígbà kejì, wàá tún kó ìgbín, wàá sì wo mélòó nínú wọn ló ní àmì. Ìṣirò ló kù.

Ṣé o mọ̀ pé ìpín kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé? Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí o kó lẹ́ẹ̀kejì bá ní àmì, a jẹ́ pé àwọn tí o fi àmì sí lọ́jọ́sí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìgbín inú oko. Bí o bá ti fi àmì sí 40, oko náà á ní nǹkan bí 160. Ohun tí fọ́múlà ń sọ nìyẹn:

N = (M × C) ÷ R

M ni iye tí o fi àmì sí nígbà àkọ́kọ́. C ni gbogbo èyí tí o kó nígbà kejì. R ni àwọn tó ní àmì nínú C. N ni iye tí à ń wá. Nínú ìwé ìdánwò Cambridge, n₁, n₂ àti m₂ ni wọ́n máa ń kọ dípò M, C àti R, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni.

Ó dára, jẹ́ ká ṣe é. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì fẹ́ mọ iye ìgbín tó wà nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Òru ni ìgbín ń jẹ̀, nítorí náà wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ oko lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kó 40. Wọ́n fi àkísà nu ìkarahun kọ̀ọ̀kan títí tó fi gbẹ, nítorí pé ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù. Wọ́n wá kán kúútẹ̀sì tóóró kan sí ẹ̀gbẹ́ ìkarahun nísàlẹ̀, níbi tí ẹyẹ tó bá wo ilẹ̀ látòkè kò ti ní tètè rí i. Nígbà tó gbẹ, wọ́n dá wọn padà káàkiri oko, kì í ṣe sí ojú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà lọ lóru, wọ́n kó 35, wọ́n sì rí kúútẹ̀sì lára 14.

N = (40 × 35) ÷ 14 = 1400 ÷ 14 = 100

Ìgbín 100, nìyẹn.

Ṣé o mọ ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀? Wọ́n máa ń rò pé C ni àwọn tí kò ní àmì. Wọ́n á yọ 14 kúrò nínú 35, á ku 21, wọ́n á sì kọ ọ́ pé 40 × 21 ÷ 14 = 60. Má wulẹ̀ wo ìwé ìdáhùn kí o tó mọ̀ pé irọ́ nìyẹn. Ìgbín 40 ni wọ́n rí nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, wọ́n rí 21 míì tí wọn ò rí tẹ́lẹ̀. Ìgbín 61 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fi ojú ara wọn rí, báwo ni gbogbo tó wà níbẹ̀ ṣe máa jẹ́ 60? Máa ṣe àyẹ̀wò yìí nígbàkúùgbà: M + C − R ni iye tó kéré jù tí N lè jẹ́. Ìdáhùn tó bá lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ti ní àbùkù.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí iye tí o kó lẹ́ẹ̀kejì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba? Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹranko wà láàyè nígbà tí o bá rí i lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1930, Frederick Lincoln ní Amẹ́ríkà fi ọ̀nà yìí díwọ̀n iye pẹ́pẹ́yẹ igbó. Wọ́n ti fi òrùka sí àwọn kan lẹ́sẹ̀, àwọn ọdẹ tó yìnbọn pa wọ́n ló sì ń dá òrùka padà. Ìbọn ọdẹ ni "ìkó kejì" tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìṣirò náà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé C. G. J. Petersen ará Dẹ́nmáàkì ti ń so àmì mọ́ ẹja ní Limfjord kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Kódà, ní 1802, Laplace ti lo irú ìpín bẹ́ẹ̀ láti díwọ̀n àwọn ènìyàn ilẹ̀ Faransé nípasẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun. Ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 28 ni wọ́n. Lójú tèmi, Petersen ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń rẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kọ́ ni olùdánwò ń wá. Máàkì tó kù wà nínú àwọn ohun tí a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ kí ìṣirò tó lè jóòótọ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí N bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dúró yẹn ní ìdí? Àwọn tó ní àmì gbọ́dọ̀ pòpọ̀ mọ́ àwọn tí kò ní. Ìgbín kì í sáré. Bí o bá tú gbogbo 40 sílẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, tí o sì padà sí abẹ́ igi yẹn lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ àná ni wàá tún kó. R á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, N á sì kéré. Nítorí náà, "a dúró fún ìgbà díẹ̀" kò tó ní ìdáhùn. Kọ ọ́ pé ó jẹ́ kí àwọn tó ní àmì lè tàn ká, kí wọ́n sì pòpọ̀ mọ́ ìyókù.

Ṣé o mọ̀ pé ẹranko lè fẹ́ràn pàkúté? Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbé àpótí tí ń há òkété mọ́ láàyè sínú oko, kí o fi ẹyìn sínú rẹ̀. Òkété tó wọlé jẹ ẹyìn, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ láàárọ̀ láìfarapa, lè padà wá jẹ tọ̀la. Òmíràn á bẹ̀rù débi pé kò ní sún mọ́ àpótí náà mọ́. Ohun tí a gbà ni pé gbogbo ẹranko ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí wa lọ́wọ́, yálà ó ní àmì tàbí kò ní. Òkété tó ń padà wá á mú kí N kéré, èyí tó ń bẹ̀rù á mú kó pọ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń yí ọ̀nà padà nígbà mìíràn: pàkúté lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀nà míì pátápátá lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti ìgbín, ẹ̀ẹ̀rùn ni ewu. Ìgbín tó ti wọnú ilẹ̀ lọ, tó fi ìbòrí funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, kò sí tọ́ọ̀ṣì tó máa rí i. Má ṣe é ní oṣù Kínní.

Àmì náà ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ bọ́, kò gbọ́dọ̀ pa ẹranko lára, kò sì gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀ fún ohun tó fẹ́ pa á jẹ. Ká ní kúútẹ̀sì bó kúrò lára 4 nínú 14 yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ka R sí 10, N á sì di 140. Ìgbín 40 tí kò sí níbì kankan ti wọ ìwé wọn. Bí ẹyẹ bá tètè rí àwọn tó ní àmì, tó sì ń ṣà wọ́n jẹ, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. O lè mọ̀ bóyá àmì ń bó: kán kúútẹ̀sì sí ojú méjì lára ìgbín kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń rí àwọn tó ku ojú kan ṣoṣo, ó ti ń bó nìyẹn.

Èyí tó kù ni pé kí iye náà má yí padà láàárín ìkó méjèèjì: kò sí ìbí, kò sí ikú, kò sí ẹni tó wọlé, kò sí ẹni tó jáde. Ibí ni olùdánwò ti ń mọ ẹni tó lóye yàtọ̀ sí ẹni tó há a sórí. Ṣé o mọ̀ pé ikú nìkan kì í ba ìṣirò náà jẹ́ dandan? Bí ikú bá mú ìdá kan náà nínú àwọn tó ní àmì àti àwọn tí kò ní, ìpín wọn kò yí padà. N tí o rí á jẹ́ iye tó wà lọ́jọ́ tí o fi àmì sí wọn. Bó bá jẹ́ pé àwọn tuntun nìkan ló wọlé, tí ẹnì kankan ò kú, iye ọjọ́ kejì ni N máa jẹ́. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, N kì í ṣe ti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ti ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ògiri fi dára, tí ọ̀sẹ̀ kan sì fi sàn ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ṣé o mọ̀ pé 100 yẹn kì í ṣe 100 géérégé? R ló ń mú un mì. Bí R bá jẹ́ 2 péré, N á di 700. Bó bá jẹ́ 1, N á di 1,400. Ìgbín kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì! Bí R bá sì jẹ́ òdo, kò sí ìdáhùn rárá. Ní 1951, Chapman tún fọ́múlà náà ṣe, nítorí pé ti àtijọ́ máa ń sọ iye náà di púpọ̀ jù bí R bá kéré:

N = (M + 1)(C + 1) ÷ (R + 1) − 1

Fún oko wa, 41 × 36 ÷ 15 − 1 = 97.4, ìyẹn 97, torí kò sí ìdajì ìgbín. Bí a bá wá ṣírò àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀, á jẹ́ nǹkan bí 15. Ìlọ́po méjì rẹ̀ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ ni a máa ń fún un láàyè. Iye ìgbín náà lè wà níbikíbi láàárín 67 sí 127. Ẹni tó bá kọ "100" láìsọ èyí kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó dára jù láti dín àyè yẹn kù ni kí M àti C pọ̀ sí i, kí R lè pọ̀.

Níbi tí kò sí ògiri, tí ìbí àti ikú kò sì dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mejì kò tó. Jolly àti Seber, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbé ọ̀nà tó bá irú ibẹ̀ mu jáde ní 1965. Ìgbà mẹ́ta ó kéré tán ni wàá kó wọn, nọ́ńbà ni wàá sì kọ sí ìkarahun kọ̀ọ̀kan dípò kúútẹ̀sì tóóró, kí o lè mọ ìgbà tí o ti rí ìgbín yìí kẹ́yìn.