Kàtúùnù Tí Kò Tíì Parí: Kí Ló Yẹ Ká Wò, Kí Ló Yẹ Ká Sọ?

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ilé iṣẹ́ Walt Disney ṣì wà ní òpópónà Hyperion ní Los Angeles, yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń móoru débi pé àwọn òṣìṣẹ́ fi òógùn sọ ọ́ lórúkọ. Ibẹ̀ ni Disney ti máa ń wo kàtúùnù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pẹ́ńsùlù yà, kí yíǹkì àti ọ̀dà tó kàn án. Ìlà pẹ́ńsùlù kò ṣòroó pa rẹ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá ti kùn, bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, dídànù ló kàn.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yíǹkì lónìí, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ò yí padà. Anímétọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé àwọn ìdúró pàtàkì kalẹ̀: ibi tí ẹni inú àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti yíra padà, ibi tó parí sí. Blọ́kìn ni wọ́n ń pe ìpele yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dí àlàfo tó wà láàárín ìdúró kan sí èkejì kí ìrìn náà lè lọ geere, kó tó wá kan ìka ọwọ́, ìpéǹpéjú àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Nínú blọ́kìn, ṣe ni ẹni náà máa ń fò láti ìdúró kan bọ́ sí òmíràn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Oníbàárà tí kò mọ̀ á ní, “Ó ń ta gìrì,” anímétọ̀ tí kò fẹ́ bí i nínú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun tí ìdúró rẹ̀ kò tíì tọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àtúnṣe àìlópin ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìran kan tó gba ìṣẹ́jú-àáyá 6. Férémù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà férémù 144 ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàsíà omi tó kún karí. Anímétọ̀ jẹ́ kí bàsíà náà kúrò nílẹ̀ ní férémù 40, ó sì ti dé orí ní 48. Ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kan péré nìyẹn! Oníbàárà rí i pé nǹkan kan kù, ó ní, “Kò wọ̀ mí lójú, ẹ tún un ṣe.” Anímétọ̀ tún ojú obìnrin náà ṣe. Kò dáa. Ó tún apá ṣe, ó yí kámẹ́rà, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ṣì wà.

Ká ní oníbàárà sọ pé, “Láti férémù 40 dé 48, ó dà bíi pé bàsíà yẹn ṣófo,” ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ẹni tó mọṣẹ́ á mọ̀ pé orúnkún ní láti tẹ̀ sí i, kí ara mú agbára díẹ̀ kí bàsíà tó kúrò nílẹ̀, kí gbígbé náà gba nǹkan bíi férémù 20, kí ẹsẹ̀ kan sì yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé orí. Ìdúró mélòó kan ló máa sún nínú blọ́kìn. Bí omi inú bàsíà bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún bó ṣe ń mì ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí bàsíà bá ṣe rìn ni omi ń tẹ̀ lé.

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn tó dára yẹn ò sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ohun tí ojú rí ló sọ. Ká ní ó sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó rọra gbé e,” anímétọ̀ á fa gbogbo rẹ̀ gùn, obìnrin náà á sì dà bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Fífalẹ̀ kọ́ ni wíwúwo. Inú ìmúrasílẹ̀ ara la ti ń rí ìwúwo ẹrù.

Anímétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá ń fi blọ́kìn ránṣẹ́, kó kọ ọ́ mọ́ ọn pé: “Ìdúró àti àkókò ni kí ẹ wò, aṣọ, omi àti ojú kò tíì sí.” Bí ẹni mẹ́ta bá dá àbá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí férémù kan náà, ó ṣeé ṣe kí àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má tọ̀nà, ṣùgbọ́n àléébù wà níbẹ̀ dájú. Ẹnì kan ló sì yẹ kó kó gbogbo àkíyèsí jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí bí ọ̀gá kan bá ní kó yá, tí èkejì ní kó falẹ̀, anímétọ̀ kọ́ ló máa là wọ́n níjà. Ní Pixar, Ed Catmull kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014 pé ìgbìmọ̀ tó ń wo fíìmù wọn lè sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò láṣẹ lórí olùdarí. Olùdarí ló máa pinnu.

Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí blọ́kìn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí oníbàárà bá wá fẹ́ korobá dípò bàsíà lẹ́yìn tí aṣọ àti omi ti wọlé, ìran tuntun nìyẹn, nítorí mímú ni korobá ń mú ọwọ́, bàsíà ń fẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye owó àti ọjọ́ tó máa gbà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun.