Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Méjì Bá Ń Tàkúrọ̀sọ, Kí Ni Kí Ògbufọ̀ Ṣe?

Ká sọ pé fíìmù Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Obìnrin kan gbọ́ lórí fóònù pé ìyá ọ̀rẹ́ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan bá ọ̀rẹ́ náà kẹ́dùn. Gbólóhùn yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún ẹni tí òbí rẹ̀ kú. Ògbufọ̀ wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé: “Mo kẹ́dùn gidigidi.” Ẹni tó ń wo fíìmù náà ní Ìbàdàn á dìde jókòó dáadáa, nítorí lójú tirẹ̀, màmá ti kú nìyẹn.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìtumọ̀ yẹn tí ìwé atúmọ̀ èdè máa tako. Ibi tí ìtàkúrọ̀sọ ọ̀rẹ́ ti ṣòro ju ìwé òfin tàbí ìròyìn lọ nìyẹn. Nínú ìròyìn, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni pé kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárín ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ìròyìn rárá. Wọ́n ń kíra, wọ́n ń bura wọn ṣeré, wọ́n ń fẹ̀sùn kanra wọn lọ́nà ìfẹ́. Bí ògbufọ̀ bá tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oréfèé, ohun tó máa hàn nínú èdè kejì lè jẹ́ àjèjì méjì tó ń bára wọn jà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ yìí tọ ibi tó lọ. Kérì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Jéènì ń gbé ní Líìdì. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà ní yunifásítì. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa rí rèé bí ògbufọ̀ bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀:

Jéènì: Báwo, àjèjì!
Kérì: Mo mọ̀, mo mọ̀. Èmi ni mo burú jù lọ.
Jéènì: Mo pàdánù rẹ. Báwo ni ìyá rẹ?
Kérì: Ó ti jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti rẹ̀ mí pátápátá.
Jéènì: Mo kẹ́dùn gidigidi. Ó yẹ kí o ti sọ fún mi.
Kérì: Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ láti Líìdì.
Jéènì: Mo kórìíra rẹ. Mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi yóò gbé ọbẹ̀ wá. Ọbẹ̀ burúkú yẹn.

Ẹni tó bá ka èyí láìmọ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé Jéènì ń bínú, pé Kérì ti hùwà ibi kan tó ń jẹ́wọ́ rẹ̀, pé ìkórìíra sì ti wọ àárín wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì ń rín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Àjèjì” ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwàdà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ téèyàn rí ní àjèjì. Lẹ́nu Yorùbá, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní irú àwàdà yẹn gan-an lọ́wọ́: “O mà wọ́n o!” Ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì sọ ọ́ sí máa ń rẹ́rìn-ín kó tó tọrọ àforíjì. “Mo pàdánù rẹ” burú ju “àjèjì” lọ, torí ẹni tó bá kú tàbí tó sọnù là ń pàdánù. Àárò ọ̀rẹ́ ló ń sọni.

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” àti “mo kórìíra rẹ” jọ ń rìn pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rẹ́, bíńtín báyìí sì ni ìwọ̀n àwọn méjèèjì níbẹ̀. Yorùbá ò mú wọn ní kékeré bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ á dún bí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ tàbí ti orí àga ìwàásù. Èkejì á dún bí ìpínyà. Ọ̀rẹ́ Yorùbá máa ń fi ìfẹ́ hàn nípa pé òun mọ ìwà ẹnì kejì dénú: “Ìwọ tí mo mọ̀ yìí?” Ó sì máa ń bú u dípò kó kórìíra rẹ̀: ìkà, ọ̀dájú, aláìmoore. Èébú tó wúwo báyìí ò léwu láàárín àwọn tó mọra, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi í bá àlejò ṣeré.

Ìyá Kérì ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì fi arọ́pò orúkọ kan ṣoṣo tọ́ka sí obìnrin, bó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, bó jẹ́ arúgbó. Bí ògbufọ̀ bá kọ “ó ti jáde”, Kérì ti fojú di ìyá rẹ̀ lójú ẹni tó ń kà á. “Wọ́n” ló yẹ. Ọ̀rọ̀ náà “rẹ” tó tẹ̀lé ìyá tún máa ń dúró bí ògiri láàárín ọ̀rẹ́, torí màmá ọ̀rẹ́ ẹni, màmá ẹni ni. “Mọ́mì ńkọ́?” ti tó.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ kì í kà sí, ìyẹn ni ìkékúrú ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń ṣe. Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀ gba ìrísí rẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀, tí odidi Bíbélì jáde láti ọwọ́ wọn ní 1884. Èdè yẹn níyì, ṣùgbọ́n orí pẹpẹ ni “èmi yóò” àti “ǹjẹ́ ìwọ” ti mọ́ wa létí. Ọ̀rẹ́ kì í sọ pé “èmi yóò”, “màá” ló ń sọ. Kì í sọ “o kò”, “o ò” ló ń sọ. “Rẹ” àti “ọ” á di “ẹ”, “ìwọ yóò” á di “wàá”. Bí ògbufọ̀ bá mú gbogbo ọ̀rọ̀ tó tọ́ tó sì kọ wọ́n gùn bí ti inú Bíbélì, àwọn ọ̀rẹ́ náà á ṣì dúró jìnnà síra wọn.

Bí a bá kó gbogbo èyí jọ, ohun tó máa jáde nìyí:

Jéènì: Ọ̀rẹ́ mi, o mà wọ́n o!
Kérì: Ẹ̀bi mi ni jàre, má bínú.
Jéènì: Àárò ẹ ń sọ mí. Mọ́mì ńkọ́?
Kérì: Wọ́n ti kúrò ní ọsibítù láti Túsìdeè. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu.
Jéènì: Pẹ̀lẹ́, o kú ìtọ́jú wọn o. O ò wá lè pè mí?
Kérì: Ìwọ tí mo mọ̀ yìí? Wàá kàn wọ rélùwéè àkọ́kọ́ láti Líìdì ni.
Jéènì: Ìkà ni ẹ́ jàre. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Màá gbé ọbẹ̀ wá. Ọbẹ̀ burúkú yẹn.

Ẹ wo ohun tí kò yí padà. Túsìdeè ṣì ni Túsìdeè. Líìdì ò di Òṣogbo, rélùwéè ò di dánfó. Pàtàkì jù lọ, ọbẹ̀ burúkú náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ọjọ́ kan ní yunifásítì ni Jéènì jó ìkòkò ọbẹ̀ kan tó sì fi dandan lé e pé kí Kérì mu ún. Látìgbà náà ló ti di ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìkan. Ó máa wu ògbufọ̀ kó fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ rọ́pò rẹ̀, bóyá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó jóná. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwàdà ìkọ̀kọ̀ kì í yé àwọn tó wà níta tán nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àìyé díẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wọn ti pẹ́.

Ní 1964, Eugene Nida, ọmọ Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìtumọ̀ Bíbélì, ṣe ìwé kan tó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìtumọ̀ tó rọ̀ mọ́ ìrísí ọ̀rọ̀ àti èyí tó ń wá kí ọ̀rọ̀ ṣe olùgbọ́ tuntun bó ṣe ṣe olùgbọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á bíi pé kí ògbufọ̀ yan ọ̀kan kó sì dúró tì í. Ìtàkúrọ̀sọ ọ̀rẹ́ ò gba irú yíyàn bẹ́ẹ̀, nítorí nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ lè nílò òmìnira kí ìparí sì nílò ìrọ̀mọ́. “Ìkà ni ẹ́ jàre” lọ jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. “Ọbẹ̀ burúkú yẹn” ò kúrò lójú kan. Ìbéèrè tó yẹ kí ògbufọ̀ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé ó ń ròyìn nǹkan ni, àbí ó ń fọwọ́ kan ọ̀rẹ́? Ìròyìn àti ìrántí ò ṣe é fọwọ́ kàn. Ìkíni, èébú, ẹ̀bẹ̀ àti ìkẹ́ ni kó wá láti inú Yorùbá.

Àṣejù wà níhà kejì náà. Àwọn kan á gbé òwe mẹ́ta sí Kérì lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè “dún bíi Yorùbá”. Ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún á wá di ìyá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ igi. Yorùbá tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ló nílò, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú “jàre” àti “jọ̀ọ́” níwọ̀nba.

Ọjọ́ orí yìí lè da gbogbo iṣẹ́ náà rú pàápàá. Ní 1960, Roger Brown àti Albert Gilman kọ̀wé lórí bí àwọn èdè kan ní Yúróòpù ṣe ń fi arọ́pò orúkọ “ìwọ” àti “ẹ̀yin” sàmì ipò tàbí ìfaramọ́ra. Nínú èdè tiwa, ọjọ́ orí ló sábà máa ń ṣáájú, ìfaramọ́ra á sì wá ibòmíì gbà. Ká ní fíìmù náà fi hàn pé Jéènì fi ọdún mẹ́jọ ju Kérì lọ, “o” kò ní ṣeé lò fún un mọ́. Kérì á sọ pé, “Ẹ̀bi mi ni, Àǹtí mi, ẹ má bínú,” ìfẹ́ á sì wà nínú “mi” yẹn. Jéènì lè máa pè é ní ìkà lọ. Kérì ò lè dá èébú yẹn padà. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, kó wo fíìmù náà tán, kó mọ ta ni ẹ̀gbọ́n.

Àyẹ̀wò tó dára jù fún iṣẹ́ náà ò gba owó. Kí ògbufọ̀ fún èèyàn méjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ lóòótọ́ ní ìwé náà, àwọn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kà á sókè fúnra wọn. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ tiwọn rọ́pò èyí tó wà nínú ìwé láìmọ̀, kó fi pẹ́ńsù sí i, torí ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà, kó bi wọ́n pé: ta ló ṣàìsàn, ọjọ́ wo ló kúrò ní ọsibítù, ibo ni Jéènì ń gbé, kí ló fẹ́ gbé wá? Bí èyíkéyìí nínú ìdáhùn bá yàtọ̀ sí ti fíìmù, òmìnira rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kó padà lọ tún ìlà yẹn kọ.