Owó Oṣooṣù Lórí Káàdì: Ohun Tí Báńkì Lè Dá Dúró àti Ohun Tí Kò Lè Dá Dúró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ, ẹ fetí sí èyí. Bí iléeṣẹ́ kan bá ń yọ owó lórí káàdì yín lóṣooṣù, kò dìgbà tí iléeṣẹ́ náà bá gbà kẹ́ ẹ tó dá a dúró. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni òfin ibẹ̀ ti fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá báńkì rẹ̀ tààrà, kó sì gba àṣẹ tó fún iléeṣẹ́ náà padà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orí káàdì ni owó náà ti ń jáde lóòótọ́. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì lẹ fún wọn, yóò wà lábẹ́ Direct Debit lórí áàpù báńkì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà gígùn ojú káàdì ni, kì í sí níbẹ̀. Continuous payment authority ni báńkì ń pè é.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jíìmù ṣe àdéhùn oṣù 12, pọ́n-ùn 30 lóṣù. Ó ti san ti oṣù 8, èyí tó kàn yóò sì jáde ní ọjọ́ Ajé. Ó gbọ́dọ̀ ti sọ fún báńkì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, torí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìsanwó ni gbèdéke. Yóò dárúkọ iléeṣẹ́ náà àti iye owó náà, yóò sọ pé òun gba àṣẹ òun padà, yóò sì kọ ọjọ́ àti àkókò tó pè sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ báńkì bá ní kó kọ́kọ́ lọ bá jíìmù, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí owó bá tún jáde lẹ́yìn náà, owó tí kò fọwọ́ sí ni, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà.

Àmọ́ owó ni báńkì dá dúró, kò fagi lé àdéhùn. Oṣù 4 ṣì kù, ìyẹn pọ́n-ùn 120, jíìmù sì lè béèrè rẹ̀ bí gbèsè. Nítorí náà, ó yẹ kó ka ohun tí àdéhùn sọ nípa kíkúrò, kó sì kọ̀wé sí wọn lọ́tọ̀. Bákan náà, owó tó ti jáde kí ó tó pe báńkì kò ní padà kìkì nítorí pé ó pè wọ́n.

Ẹ má ṣe rò pé gbígba káàdì tuntun ti tó. Iléeṣẹ́ tó ni àmì ojú káàdì lè fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba owó, kí owó sì máa jáde lọ. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó tó kàn, kó lè dá yín lójú.

Bí báńkì bá kọ̀, ẹ kọ ẹ̀sùn sí báńkì náà. Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà.