Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Báwo Lẹ Ṣe Ń Báni Kẹ́dùn Lédè Yorùbá?

Ọ̀rẹ́ yín fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ní kẹ́ ẹ bá òun yí i sí Yorùbá. "Mo kẹ́dùn fún àdánù yín, ọkàn mi wà pẹ̀lú yín" kò ní wọ ìyá náà lára.

Ìkíni ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mà."

Àdúrà ló máa gbé ìfẹ́ inú ọ̀rọ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí olóògbé. Bó bá dàgbà: "Ẹ̀yìn Bàbá á dáa o." Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́: "Ọlọ́run á tù yín nínú, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

Kí ni wọ́n ń sọ nílùú tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sáwọn ará ilé.