Ààyè Ẹ̀yìn Mọ́tò Nínú Ọgbà

Púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120, ló wọ́pọ̀ l'Ékòó. Bí onílé bá fẹ́ kọ́ fúláàtì mẹ́rin sí i, iye mọ́tò tí iwájú ilé lè gbà bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló máa ń kà. Ìṣirò yẹn ò tíì pé. Ó yẹ kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan lè yí, kó sì jáde, láìjẹ́ pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò láago márùn-ún ìdájí pé kó wá gbé tirẹ̀ kúrò lọ́nà.

Kòrólà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ó sì fẹ̀ tó 6. Ẹsẹ̀ bàtà 8 níbùú àti 16 lóòró ni wọ́n sábà máa ń fún mọ́tò kan. Lójú tèmi, 9 àti 18 ló dáa, torí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí dáadáa kí àgbàlagbà tó lè sọ̀, Háílọ́ọ̀sì sì gùn ju 17 lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì.

Ẹ wá fi 20 sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kòrólà nílò nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36 kó tó lè yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì pọn dandan kí ọgbà gba ìyẹn. Pẹ̀lú 20, awakọ̀ á wọlé, á yà, á kọjá ààyè rẹ̀ díẹ̀, á wá fi rífáàsì wọ inú rẹ̀. Lówùúrọ̀, iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí ilẹ̀. Bí a bá yọ fẹ́ǹsì méjèèjì, nǹkan bí 58 ló kù níbùú. Ọ̀nà géètì gba 14, mọ́tò mẹ́rin gba 37, ìyókù di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Lóòró, 18 àti 20 jẹ́ 38. Bí bíríkìlà bá ta okùn ilé sí 30 sí fẹ́ǹsì iwájú, 12 péré ló kù lẹ́yìn mọ́tò, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa yí. Bí ilẹ̀ bá dín díẹ̀ sí 20, ẹ dín mọ́tò kan kù, kí ẹ sì fẹ ààyè àwọn tó kù, torí ààyè tó bá fẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn tó há ṣeé lò.

Ẹ ṣọ́ igun géètì pẹ̀lú. Bí mọ́tò bá ń yà, taya ẹ̀yìn kì í tẹ ojú ipa tiwájú; inú ló máa ń gé sí. Ìdí nìyẹn tí bọ́ńpà á fi kọjá láìfarapa, tí òpó yóò wá ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ọ̀dà mọ́tò lára òpó, ọ̀nà náà há nìyẹn.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ kan èèkàn, ẹ ta okùn, kí ẹ sì jẹ́ kí mọ́tò tó gùn jù nínú ilé wọlé, kó sì jáde láàárín wọn.