Nígbà Tí Ọjà Já Wálẹ̀, Tí Oníbàárà Fẹ́ Já Àdéhùn

Ilé-iṣẹ́ Kawasaki Kisen láti Jàpáánì háyà ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Hongkong Fir fún oṣù 24. Ní Liverpool ni wọ́n ti gbà á, ní oṣù kejì ọdún 1957. Àwọn tó ni ín ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọkọ̀ náà yẹ fún iṣẹ́ ẹrù kíkó láìkù síbì kan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1931 ni wọ́n ti kàn án, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì kò pọ̀ tó, ọ̀mùtí sì ni ọ̀gá wọn. Amẹ́ríkà ló ti lọ kó èédú, tó wá kọjú sí Osaka, àmọ́ ṣe ló ń dákú dájí lójú òkun. Àtúnṣe ojú ọ̀nà gba bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tó gúnlẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ó tún lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ àwọn alátùn-únṣe.

Láàárín àkókò yìí, owó ẹrù lójú òkun já wálẹ̀. Ohun tó jẹ́ ṣílè 47 lórí tọ́ọ̀nù kan tẹ́lẹ̀ kò tó 14 mọ́ ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ tuntun nígbà náà yóò rí i ní ọ̀pọ̀. Kawasaki ní àwọn kò ṣe mọ́, pé àwọn olówó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ àdéhùn. Àwọn yẹn sì gbé wọn lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ẹjọ́ yìí tó dé, ọ̀nà méjì ni òfin Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbà wo ohun tí a kọ sínú àdéhùn. Àwọn kan jẹ́ òpómúléró. Bí ẹnì kan bá yẹ èyí, ẹnì kejì lè já àdéhùn náà kí ó sì gba owó gbà-máà-bínú, bí àdánù rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ní 1933, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba gbà kí ẹnì kan kọ pákó tó rà láti fi ṣe àgbá sìmẹ́ńtì, nítorí pé ìdajì íńṣì ni àdéhùn sọ, ọ̀pọ̀ nínú pákó náà sì nípọn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó náà ì bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á. Owó pákó ti já wálẹ̀ ni, oníbàárà sì rí ihò tí yóò gbà yọ.

Àwọn kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá yẹ wọn yóò san owó gbà-máà-bínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Ní 1876, akọrin kan ṣèlérí pé òun yóò dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú kí ó lè bá wọn dánra wò. Àìsàn dá a dúró, ọjọ́ méjì péré ló ṣẹ́ kù nígbà tó dé. Ọ̀gá rẹ̀ lé e, kóòtù sì ní kò lẹ́tọ̀ọ́: orin kíkọ fún odindi sáà ni wọ́n torí ẹ̀ pè é, kì í ṣe ìdánrawò.

Ibo wá ni ká fi ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ fún òkun sí? Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rí i pé kò ṣe é fi síbì kankan. Bí ìṣó kan bá yọ lára ọkọ̀, kò yẹ mọ́. Bí abẹ́ rẹ̀ bá fọ́, kò yẹ mọ́ bákan náà. Adájọ́ Diplock wá sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá yẹ irú èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà la máa wò: ṣé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èrè tí ẹnì kejì torí rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé? Nígbà tí Hongkong Fir tún gbéra ní oṣù kẹsàn-án, ó ku oṣù 17 nínú 24. Èrè ṣì wà níbẹ̀. Owó gbà-máà-bínú nìkan ló tọ́ sí Kawasaki, bí wọ́n sì ṣe já àdéhùn náà ló sọ àwọn gan-an di ẹlẹ́bi.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu lójú ẹsẹ̀ bóyá kí òun já àdéhùn, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni adájọ́ yóò tó sọ bóyá ó tọ̀nà. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí kóòtù kò fi jẹ́ kí àárín yẹn gba gbogbo ilẹ̀. Ní 1981, lórí ọjà sóyà, oníbàárà tó yẹ kó fi ọjọ́ 15 ṣáájú sọ ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣe tán fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Wọ́n ní òpómúléró ni àkókò láàárín oníṣòwò, nítorí olùtajà kò lè múra ọjà sílẹ̀ láìmọ ọjọ́.

Òfin ọjà títà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin ọjà títà ní Nàìjíríà, fi ààlà mìíràn sí i. Bí oníbàárà bá ti gba ọjà náà wọlé bíi tirẹ̀, bóyá ó ti ń tà lára rẹ̀, tàbí ó kó o pamọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ láìsọ nǹkan kan, kò lè dá a padà mọ́, àní bó bá jẹ́ òpómúléró ni olùtajà yẹ̀. Owó gbà-máà-bínú nìkan ló kù fún un.