Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Kò Sí ní Báńkì

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ìbàdàn, tí ìyá kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ dá sílẹ̀. Ọdún 2024 parí, akántáǹtì gbé ìwé èrè àti àdánù wá, ó ní wọ́n jèrè mílíọ̀nù 14 náírà. Ìyá oníbúrẹ́dì yẹ ìwé báńkì wò, ó rí i pé mílíọ̀nù 9 tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 4. Ó ní, “Ẹ gbà mí o, akántáǹtì. Bí a bá jèrè lóòótọ́, ta ló kó owó wa?”

Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Ìwé kan ló kù tí wọn ò tíì ṣe: ìwé ìwọlé-jáde owó. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ọ̀nà tààrà ni kí ènìyàn to gbogbo owó tó wọlé àti gbogbo owó tó jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ẹ̀bùrú: orí èrè ọdún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa tún un ṣe títí yóò fi di owó tó wọlé ní ti gidi. IAS 7, òfin ìṣirò àgbáyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lórí pátákó ọjà ìpín-ìdókòwò ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé láti ọdún 2012, fàyè gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú ló wọ́pọ̀ jù. Kò ṣòroó mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó nílò ti wà nílẹ̀ ná: bálánsì ṣíìtì ìparí ọdún tó kọjá, bálánsì ṣíìtì ìparí ọdún yìí, àti ìwé èrè àti àdánù.

Bálánsì ṣíìtì ilé-iṣẹ́ náà nìyí, ní mílíọ̀nù náírà:

| | Ìparí 2023 | Ìparí 2024 |
|---|---|---|
| Owó ọwọ́ àti ti báńkì | 9 | 4 |
| Àwìn tó wà lọ́dọ̀ oníbàárà | 6 | 17 |
| Ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ọjà mìíràn nílẹ̀ | 8 | 13 |
| Ààrò àti ẹ̀rọ | 40 | 52 |
| Àpapọ̀ ohun-ìní | 63 | 86 |
| Gbèsè àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun | 7 | 10 |
| Owó orí tí a kò tíì san | 2 | 3 |
| Owó tí a yá ní báńkì | 15 | 23 |
| Owó ìdásílẹ̀ | 30 | 30 |
| Èrè tí a fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ | 9 | 20 |
| Àpapọ̀ gbèsè àti owó onílé-iṣẹ́ | 63 | 86 |

Ìwé èrè àti àdánù sọ pé wọ́n ta búrẹ́dì mílíọ̀nù 120. Ohun tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ 76, owó òṣìṣẹ́ àti ìnáwó mìíràn jẹ́ 18, owó gbígbó ẹ̀rọ jẹ́ 6, èlé báńkì jẹ́ 3, owó orí jẹ́ 4. Wọ́n ta ààrò àtijọ́ kan, wọ́n sì jèrè 1 lórí rẹ̀. Ohun tó kù ni 14.

Kí á tó ṣírò ohunkóhun, ẹ wo bí ìwé yìí ṣe dúró. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí owó bá yí padà, ohun mìíràn nínú tábìlì yìí ló yí padà pẹ̀lú rẹ̀, iye kan náà gan-an. Ìdí nìyí tí akántáǹtì tó mọṣẹ́ kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Yóò fi ìlà owó sílẹ̀, yóò sọ ohun tó mú kí ìlà kọ̀ọ̀kan tó kù yí padà, nígbà tó bá fi máa débi tí wọ́n parí sí, ìlà owó yóò ti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Orí èrè 14 la ti bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni owó gbígbó ẹ̀rọ, mílíọ̀nù 6. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń pín iye owó rẹ̀ sórí ọdún tó máa lò. Ní 2024, kò sẹ́ni tó ka mílíọ̀nù 6 fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú èrè. A ó dá a padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rí ìlà yìí tí wọ́n á rò pé gbígbó ẹ̀rọ ń mú owó wá. Kò mú kọ́bọ̀ wá. Ohun tí a yọ láìsan la kàn ń fi padà sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó yọ èrè 1 tó wá láti orí ààrò àtijọ́, nítorí pé gbogbo owó tí wọ́n rí lórí ààrò náà máa wọlé níwájú, ní abala mìíràn. A ti dé 19.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ìlà àwìn oníbàárà gòkè láti 6 sí 17. Ẹ jẹ́ ká fojú sùn ún. Ọdún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwìn 6, wọ́n ta ọjà 120, èyí tó yẹ kí wọ́n gbà jẹ́ 126. Ọdún parí, 17 ṣì wà níta. Owó tó wọ ọwọ́ wọn lórí ọjà kò ju 109 lọ, ṣùgbọ́n 120 ni ìwé èrè kà. Mílíọ̀nù 11 tó wà láàárín wọn wà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ilé-ìwé tó ń gba búrẹ́dì láàárọ̀ tí wọ́n ń sọ pé ó di ìparí oṣù. A ó yọ 11.

Ọjà nílẹ̀ lọ láti 8 sí 13: wọ́n ra ìyẹ̀fun ju èyí tí wọ́n lò lọ, a ó yọ 5. Gbèsè àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun fi 3 pọ̀ sí i: ọjà wọlé, owó kò tíì jáde, a ó fi 3 kún un. Owó orí náà, wọ́n ti kọ 4 sínú ìwé èrè, ṣùgbọ́n 3 ni wọ́n san. A ó fi 1 kún un. Ẹni tó bá ń dàrú lórí èyí tí a ń yọ àti èyí tí a ń fi kún, kó rántí pé ohun-ìní tó pọ̀ sí i ti gba owó mì, gbèsè tó pọ̀ sí i ti dá owó dúró sílé.

Kí a mú 19, ká yọ 11 àti 5, ká fi 3 àti 1 kún un: ó kù 7. Èrè 14, owó tí iṣẹ́ mú wá 7.

Abala kejì ni ti ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì ni ìwé mẹ́ta kì í tó. Ẹni tó bá kàn wo tábìlì yóò sọ pé ẹ̀rọ fi 12 pọ̀, nítorí náà wọ́n fi 12 ra ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di dandan ká béèrè rìsíìtì ààrò tí wọ́n tà. Rìsíìtì sọ pé 4 ni wọ́n gbà. Bí èrè orí rẹ̀ bá jẹ́ 1, a jẹ́ pé 3 ni ààrò náà kù nínú ìwé. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 40 yọ 6 fún gbígbó, ó yọ 3 tó bá ààrò lọ, ó ku 31. Bálánsì ṣíìtì sọ pé 52 ni. A jẹ́ pé wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun mílíọ̀nù 21. Owó ààrò wọlé 4, owó ẹ̀rọ jáde 21: abala yìí gba 17 lọ.

Abala kẹta ni ti owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pèsè owó fún iṣẹ́. Ẹ̀yáwó báńkì fi 8 pọ̀ sí i, àmọ́ ìwé báńkì fi hàn pé wọ́n yá 12 tuntun, wọ́n sì san 4 padà nínú ti àtijọ́. Méjèèjì ló yẹ kó hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èrè tí a fi sílẹ̀ sì ní tirẹ̀ láti sọ: 9 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti 14 ti ọdún yìí jẹ́ 23, ṣùgbọ́n 20 ló wà níbẹ̀. Mílíọ̀nù 3 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pín láàárín ara wọn. Abala yìí mú 5 wọlé.

Iṣẹ́ mú 7 wá, ẹ̀rọ gba 17, abala kẹta mú 5 wá: owó fi 5 dín. Láti 9 sí 4. Ìyá oníbúrẹ́dì ti rí ìdáhùn rẹ̀. Kò sí olè. Àwìn àti ààrò ló gba owó náà.

Bí iye tó jáde kò bá bá ti báńkì mu, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì. Ẹni tó bá fi 5 ti ọjà nílẹ̀ kún un dípò kó yọ ọ́ yóò rí i pé owó pọ̀ sí i ní 5, nígbà tó jẹ́ pé ó dín ní 5. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 5: kó wá ìlà tó fi 5 yí padà, ibẹ̀ ló ti kọ àmì òdì.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìwé tó bá báńkì mu tí kò sì tọ́. Ká ní akántáǹtì gbàgbé láti yọ èrè 1 orí ààrò kúrò, tó sì kọ 3 fún ààrò tí wọ́n tà dípò 4. Abala iṣẹ́ á di 8, abala ẹ̀rọ á gba 18 lọ, àpapọ̀ á ṣì jẹ́ 5 tó dín. Ìwé á dọ́gba rẹ́gí, ṣùgbọ́n yóò purọ́ pé búrẹ́dì ló mú owó tí ààrò mú wá. Bákan náà ni bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ láwìn tí wọ́n sì da gbèsè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìyẹ̀fun. Èlé náà ń fa irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀: a fi 3 sílẹ̀ nínú abala iṣẹ́ níhìn-ín, ohun tí IAS 7 gbà ni, ṣùgbọ́n láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2027 ni òfin tuntun IFRS 18 yóò máa gbé èlé tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ san lọ sí abala kẹta.

Àṣìṣe ibi tí a kọ nǹkan sí kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí ìlà 7 yẹn ni ẹni tó mọ ìwé kà máa ń kọ́kọ́ wò. Ilé ìtajà W. T. Grant ní Amẹ́ríkà ní ṣọ́ọ̀bù tó ju 1,000 lọ kó tó wó lulẹ̀ lọ́dún 1975. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé rẹ̀ ń fi èrè hàn, nígbà tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ owó dípò kó mú un wá. Àwìn tó wà lọ́wọ́ oníbàárà àti ọjà tó kún ilé ló ń gbé e mì, gbèsè báńkì ló sì fi ń mí.

Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wa kò tíì débẹ̀, 7 ṣì ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí àwìn bá pọ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì ní ọdún tó ń bọ̀, báńkì ló lè wá máa san owó òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ má gba ìwé èrè nìkan lọ́wọ́ akántáǹtì yín. Ẹ ní kó fi ìwé ìwọlé-jáde owó tì í, kẹ́ ẹ sì bi í pé: níbo lẹ kọ owó ẹ̀rọ tí a tà sí, ta sì ni àwọn tó jẹ wá lówó ọjà?